Nígbà Tí Nọ́ńbà àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Kò Bá Fẹnu Kò: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí lórí Akẹ́kọ̀ọ́, Ìsoríkọ́ àti Wíwá Ìrànlọ́wọ́

Irú ìwé àṣekágbá kan wà tí mo ti kà léraléra; orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló máa ń yàtọ̀. Ohun tó ń dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti wá ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ìsoríkọ́ bá mú un ni wọ́n fi ṣe àkòrí. Orí Kẹrin ìwé náà máa ń pín sí méjì. Apá kìíní jẹ́ àtẹ lórí àtẹ, èsì ìwé ìbéèrè tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ kọ èsì sí. Apá kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn bíi méjìlá tí òǹkọ̀wé bá jókòó, tó gba ohùn wọn sílẹ̀, tó sì kó ọ̀rọ̀ wọn jọ sábẹ́ kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nígbà tó bá di Orí Karùn-ún, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀: pé ohun tí àwọn tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ ti èsì ìwé ìbéèrè lẹ́yìn. Ó parí. Ìwádìí méjì ni ẹni yẹn ṣe, ó kàn fi èèpo ìwé kan ṣoṣo bò wọ́n ni.

Mi ò bá wọn wí púpọ̀, nítorí ohun tí wọ́n bá nínú ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsoríkọ́ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ibi tí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ ẹnu kì í sábà fẹnu kò. Bí ẹnì kan bá ní wọ́n fẹnu kò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò tẹ́tí sí ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti ta kora ni iṣẹ́ wà.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti wà nílẹ̀. Ní 2006, Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 1206 ní Nàìjíríà. Ìdá 8.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá ìsoríkọ́ lára wọn, èyí tó le gidi nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 2.7. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ 512 dán PHQ-9 wò, ìwé ìbéèrè oníbéèrè mẹ́sàn-án tó ń wádìí bí ara àti ọkàn ènìyàn ti rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé mẹ́ta, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ kò kọjá 27, ẹni tó bá sì ní mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń wò pé ó yẹ kí dókítà rí. Àwọn ìwé àṣekágbá wa kò lè ṣe láìsí PHQ-9 mọ́. Ṣùgbọ́n ìdá 8.3 yẹn, nípa jíjókòó fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò bí oníṣègùn ṣe ń ṣe ni wọ́n fi rí i. Máàkì mẹ́wàá lórí ìwé kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di aláìsàn, pàápàá bí wọ́n bá pín fọ́ọ̀mù náà lọ́sẹ̀ ìdánwò, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sùn dáadáa, tí kò sì sẹ́ni tí kò rẹ̀.

Lórí ohun tó ń dí ènìyàn lọ́wọ́, Gulliver, Griffiths àti Christensen kó ìwádìí méjìlélógún jọ ní 2010 lórí àwọn ọ̀dọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu, méje tó kù jẹ́ ti nọ́ńbà. Ìdẹ́yẹsí, àìmọ̀ pé àìsàn ni, àti “màá yanjú ẹ̀ fúnra mi” ló wà lókè. Nígbà tó di 2015, Clement àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó ìwádìí 144 jọ. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni ìdẹ́yẹsí ń fa ènìyàn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ariwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ipò kẹrin ló wà láàárín àwọn ìdènà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nílé níbí, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àgbàlagbà 2040 léèrè ní ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́ta, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2005: ìdá 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà pé ẹni tí orí rẹ̀ kò pé jẹ́ eléwu, ìdá 16.9 péré ló ní àwọn lè fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tọ́ka sí èsì yìí bí ẹni pé ìsoríkọ́ ni wọ́n béèrè. Àìsàn ọpọlọ lápapọ̀ ni wọ́n béèrè, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ ìyẹn lédè wa, wèrè tó ń rìn ní ọjà ni yóò wá sí i lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí gan-an ni ọ̀fìn àkọ́kọ́. Ìwé ìbéèrè tó gbajúmọ̀ jù lórí wíwá ìrànlọ́wọ́ ni GHSQ, tí Wilson, Deane, Ciarrochi àti Rickwood ṣe ní Ọsirélíà, tí wọ́n gbé jáde ní 2005. Ó to àwọn ènìyàn sílẹ̀: àfẹ́sọ́nà, ọ̀rẹ́, òbí, ẹbí mìíràn, onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn, dókítà, olórí ẹ̀sìn, títí dé “mi ò ní lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni”. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi nọ́ńbà láti 1 dé 7 sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé òun á lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà “òbí”. Ní ilé Yorùbá, ta ni ń jẹ́ òbí? Ohun tí ọmọ lè sọ fún màmá rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ Sunday, kò lè sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi 4 sí “òbí”, ó lè jẹ́ 7 fún ìyá àti 1 fún bàbá. Ẹ tún wo “olórí ẹ̀sìn”. Pásítọ̀ ìjọ ilé, ọ̀gá ẹgbẹ́ ìjọ inú ọgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, wòlíì orí òkè, àáfà tó ń ṣe rúkíà: gbogbo wọn wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá wá tú wọn ká, òǹkọ̀wé á ní àwọn tí òun bá sọ̀rọ̀ “sọ ohun mìíràn”. Wọn kò sọ ohun mìíràn. Ìlà ìbéèrè ló há.

Ọ̀fìn kejì wà nínú bí a ṣe ń yan àwọn tí a óò bá sọ̀rọ̀. Tí ìwé àṣekágbá kan bá ní òun fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé èsì ìwé ìbéèrè, inú àwọn tó kọ èsì sí ìwé yẹn ló yẹ kí àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ ti wá, ohun tí wọ́n kọ ló sì yẹ kó jẹ́ ìdí tí a fi yàn wọ́n. Fetters, Curry àti Creswell, nínú àròkọ wọn ti 2013 tí gbogbo wa ń tọ́ka sí, pe èyí ní síso ìwádìí kan mọ́ èkejì láti ibi yíyan ènìyàn. Ó rọrùn láti sọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á kọ sókè fọ́ọ̀mù pé “má ṣe kọ orúkọ rẹ”, kí àwọn ènìyàn lè sọ òótọ́. Ó ṣe dáadáa. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, kò mọ ẹni tó ní máàkì mẹ́rìndínlógún mọ́. Ó wá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri họ́sítẹ́ẹ̀lì pé òun ń wá ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìsoríkọ́. Àwọn wo ló máa jáde? Àwọn tí kò ní ìṣòro láti sọ̀rọ̀ ni. Àwọn gan-an tí ìwádìí ń wá, àwọn tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìwé kékeré kan lọ. Fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ẹni tó bá gbà kí a pe òun padà á kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí bébà ọ̀tọ̀ tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà, wọn á fi bébà yẹn sínú àpò ìwé mìíràn, wọn á sì tì í mọ́ ibi tí fọ́ọ̀mù kò sí. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ni mo gbé nọ́ńbà rẹ̀ kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Kì í ṣe èsì ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ 300 kọ èsì. Mẹ́jìdínláàádọ́ta ní máàkì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí PHQ-9. Nínú wọn, ọgbọ̀n sọ pé kò dájú pé àwọn á lọ bá dókítà tàbí kánsẹ́lọ̀. Olùwádìí wá yan méjìlá: mẹ́fà nínú àwọn ọgbọ̀n yẹn, mẹ́ta nínú àwọn tí máàkì wọn ga ṣùgbọ́n tí wọ́n ní àwọn á lọ, àti mẹ́ta tí máàkì wọn kéré. Mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn ni òpó iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tó ti tú ọ̀rọ̀ wọn palẹ̀, ó ya àtẹ àpapọ̀: kókó ọ̀rọ̀ lápá òsì, ohun tí nọ́ńbà sọ láàárín, ohun tí ẹnu sọ lápá ọ̀tún. Ìlà mẹ́ta nìkan ni mo fẹ́ wò.

Ìlà kìíní ni ìdẹ́yẹsí. Nọ́ńbà sọ pé bóyá máàkì ìdẹ́yẹsí akẹ́kọ̀ọ́ ga ni o, bóyá ó kéré ni o, èrò rẹ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu sì rèé: gbogbo àwọn méjèèjìlá ló mẹ́nu bà á láìjẹ́ pé a bi wọ́n. “Wọ́n á ní orí mi ti dàrú.” Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé á yan ọ̀kan níbí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n sì máa ń yàn, torí pé ó dùn ún kọ. Ẹ má yan ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ padà lọ wo ohun tí ìwé ìbéèrè béèrè. Oríṣi ìdẹ́yẹsí méjì ló wà: èrò tèmi nípa ẹni tó ní ìsoríkọ́, àti ohun tí mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ń rò. Eisenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2009. Èyí tí ènìyàn rò pé ó wà lọ́kàn àwọn ẹlòmíràn ga gan-an ju èyí tó wà lọ́kàn òun fúnra rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, tara rẹ̀ yẹn ló bá àìwá ìrànlọ́wọ́ rìn. Bí ìwé ìbéèrè bá wọn ọ̀kan, tí ẹnu ń sọ èkejì, wọn kò ta kora rárá. Ohun méjì ni wọ́n ń sọ.

Ká ní ó wọn méjèèjì ńkọ́, tí ó ṣì rí bẹ́ẹ̀? Ẹ wo bí èsì ṣe pín. Nínú àpẹẹrẹ mi, 270 nínú 300 ló fi 4 tàbí 5 sí “àwọn ènìyàn á fojú burúkú wo ẹni tó bá lọ rí dókítà ọpọlọ”. Bí gbogbo ilé ládùúgbò bá ń pọn omi nínú kànga kan ṣoṣo, tí kànga náà sì bàjẹ́, ẹ kò lè fi kànga ṣàlàyé ìdí tí ilé kan fi ń ṣàìsàn tí ìkejì kò fi ṣe, bẹ́ẹ̀ kànga ló ń ṣe gbogbo wọn. Ìṣirò tó ń wá ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn kò lè rí ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ní. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹnu fi kún fún ìdẹ́yẹsí ni ìdí kan náà tí nọ́ńbà kò fi rí i. Gbólóhùn yìí wọ apá méjèèjì àtẹ náà, kò sì ṣeé kọ láìwo wọn pọ̀. Nígbà tí mo bá rí irú rẹ̀ nínú ìwé àṣekágbá, mo máa ń mọ̀ pé ẹni yìí jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlà kejì ni olórí ẹ̀sìn. Nọ́ńbà gbé e sókè ju dókítà àti kánsẹ́lọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn mẹ́fà léèrè ohun tí wọ́n ṣe gan-an, àwọn mẹ́rin tó dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí àáfà ní kó gbàdúrà fún àwọn lórí ìdánwò. Wọn kò sọ pé ẹkún ń pa àwọn lóru. Ìwé ìbéèrè béèrè ohun tí o máa ṣe. Ẹnu sọ ohun tí o ṣe. GHSQ ní ìkejì kan tó ń béèrè ohun tí ènìyàn ti ṣe láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mi ò sì mọ ìdí tí a kì í fi lò ó níbí. Àárín méjèèjì yìí ni kókó: pé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà kò sọ pé ó gbé ẹrù rẹ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí a tún bi wọ́n síwájú, ìbẹ̀rù kan jáde tí kì í ṣe ìdẹ́yẹsí gẹ́lẹ́: pé pásítọ̀ á sọ fún màmá. Ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ á jáde yìí náà ni iṣẹ́ Clement rí pé àwọn ènìyàn mẹ́nu bà jù nínú gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìdẹ́yẹsí.

Ìlà kẹta ló dùn mọ́ mi jù, torí pé àárín rẹ̀ ṣófo. Ọ̀rọ̀ ẹnu sọ nǹkan tí ìwé ìbéèrè kò béèrè rárá. Nínú ìlànà tí Farmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀ ní 2006 fún fífi èsì wé èsì, ìdákẹ́ wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, bí a ṣe ń kọ ìfohùnṣọ̀kan àti ìtakora. Kí ni ẹnu sọ? Márùn-ún nínú mẹ́fà ti lọ sí kíníkì ọgbà. Orí ń fọ́ wọn, nǹkan ń rìn nínú orí, oorun kò wá, ara ń gbóná. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ibà, wọ́n fún wọn ní oògùn ibà, wọ́n padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹnì kan lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín sáà kan. Lórí fọ́ọ̀mù, àwọn wọ̀nyí fi 1 sí “dókítà”, torí pé ìbéèrè ní “tí o bá ní ìṣòro ọkàn”, wọn kò sì ka ohun tó ń ṣe wọ́n sí ìṣòro ọkàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ, kọ̀wé ní 1960 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń jó, tí ìwé kò wọ̀ mọ́. Ní 1987, Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí láàárín àwọn aláìsàn Yorùbá: ohun tó ń rìn nínú orí, tó ń lọ sí ara, tí ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Olùwádìí tó bá kọ́kọ́ bá ènìyàn bíi mẹ́jọ sọ̀rọ̀ kó tó ṣe ìwé ìbéèrè ì bá ti fi ìlà kan kún un: “Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣé o ti lọ sí kíníkì nítorí orí fífọ́, àìsùn tàbí ara gbígbóná tí àyẹ̀wò kò rí ìdí rẹ̀?” Nínú àpẹẹrẹ wa ó ti pẹ́ jù. Ohun tó kù ni pé kó kọ ọ́ kedere pé ìwé ìbéèrè òun pe àwọn kan ní “ẹni tí kò wá ìrànlọ́wọ́” nígbà tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn, tí ẹnì kan tilẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì gbọdọ̀ gbé ọgbọ̀n yẹn jáde bí ẹni pé iye àwọn tó jókòó sílé ni.

Kò sí ohun tó burú nínú kí èsì ta kora. Ní 2006, Moffatt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ènìyàn 126 tí wọ́n ń fún nímọ̀ràn lórí owó ìrànwọ́ ìjọba. Nọ́ńbà kò rí àyípadà kankan nínú ìlera wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kún fún àǹfààní. Wọn kò fi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n yẹ bí wọ́n ṣe ṣe apá kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n wò ó bóyá àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù, wọ́n sì bi ara wọn bóyá ohun kan náà ni apá méjèèjì ń wọ̀n. Ibi tí àwọn tiwa máa ń fo ni ìbéèrè nípa àkókò. Ìyanṣẹ́lódì ASUU tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó pín fọ́ọ̀mù lóṣù kìíní, tó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn kan náà lóṣù kọkànlá, ń fi àwọn tó ń bẹ̀rù ìdánwò wé àwọn tó ti jókòó sílé títí ọ̀rẹ́ wọn ní yunifásítì aládàáni fi gboyè. Bí èsì rẹ̀ bá fẹnu kò, ìyẹn gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà á.

Mo ní láti fọwọ́ kan nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fi ìlà méjì gbà kọjá. Ìbéèrè kẹsàn-án lórí PHQ-9 ń béèrè bóyá ènìyàn ti ń rò pé ó sàn kí òun kú. Nínú fọ́ọ̀mù 300, àwọn kan á fi àmì sí i. Fọ́ọ̀mù tí kò ní orúkọ, tó jókòó sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì olùwádìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kò ṣeé lò láti wá ẹni yẹn rí. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà bá láti ayé ìjọba amúnisìn sì ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ èyí lè fi òdo síbẹ̀ kó sì kọjá. Òdo yẹn á wọ inú ìṣirò bí òdo gidi, àròpọ̀ rẹ̀ á lè jẹ́ mẹ́sàn-án dípò mẹ́wàá, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kò sì ní wọ inú àwọn tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ojoojúmọ́ tí fọ́ọ̀mù bá wọlé ni a ń yẹ ìbéèrè kẹsàn-án wò, kì í ṣe lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá pé. A sì ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mú bírò, pé bébà tó ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lè di ṣíṣí fún ìdí yìí nìkan, ẹni tí yóò ṣí i, àti ẹni tí yóò pè é.

Bí mo bá wá jókòó láti gbọ́ ẹni tó kọ irú iṣẹ́ yìí lẹ́nu, n kì í bẹ̀rẹ̀ láti Orí Kẹrin. Màá ní kó fi bébà nọ́ńbà ìdánimọ̀ hàn mí, kó sì sọ ìdí tó fi pe nọ́ńbà 117 tí kò fi pe nọ́ńbà 118.